Nígbà Tí Ìlú Ńlá Bá Gba Ìlú Kékeré Mọ́ra: Ibo Ni Àwọn Èèyàn Tuntun Yẹn Ti Wá?

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka àwọn ará ìlú New York ní 1890, wọ́n jẹ́ 1,515,301. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 1900, wọ́n ti di 3,437,202. Ẹni tó bá gbé iye méjèèjì síra á sọ pé ìlú náà ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún mẹ́wàá. Irọ́ kọ́ ni ọkọ̀ òkun tó ń já àwọn ará Yúróòpù sílẹ̀ ní etíkun New York láyé ìgbà yẹn, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ náà kò kéré. Ṣùgbọ́n nínú èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì tó lé sórí iye àkọ́kọ́ yẹn, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé ààlà ìlú ló wá bá wọn nílé. Wọ́n ti wà níbẹ̀ ní 1890. Orúkọ ìlú tí wọ́n ń kọ sí àdírẹ́sì ilé wọn ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àtòjọ ìlú tó tóbi jù lọ kò ní máa kiri lórí fóònù, tí àwọn èèyàn á sì máa fi jà: ìlú tèmi ju tìẹ lọ, ìlú yìí ti gba ipò lọ́wọ́ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ìjà yìí kì í ṣe lórí èèyàn rárá, lórí ibi tí oníkálukú fa ààlà sí ni. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ New York ṣàlàyé rẹ̀, torí pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, èèyàn sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Kí 1898 tó dé, ohun tí wọ́n ń pè ní ìlú New York kò ju erékùṣù Manhattan àti Bronx tó wà ní òdìkejì odò Harlem. Apá ìwọ̀-oòrùn Bronx ni wọ́n kọ́kọ́ gbà mọ́ra ní 1874, wọ́n wá gba apá ìlà-oòrùn ní 1895. Brooklyn, tí èèyàn lè rí gànnàkù láti Manhattan, ìlú ọ̀tọ̀ ni nígbà náà. Ó ní olórí ìlú tirẹ̀, ọlọ́pàá tirẹ̀, gbèsè tirẹ̀. Ní 1890, òun ló wà ní ipò kẹrin láàárín gbogbo ìlú Amẹ́ríkà, lẹ́yìn New York, Chicago àti Philadelphia. Afárá Brooklyn tí wọ́n ṣí ní 1883 ti so ìlú méjèèjì pọ̀ lójú ọ̀nà. Èèyàn á sùn ní Brooklyn, á lọ ṣiṣẹ́ ní Manhattan, á tún padà sílé nírọ̀lẹ́. Queens àti Staten Island ní tiwọn kún fún abúlé àti oko.

Andrew Haswell Green ni ẹni tó lé ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ yìí jù lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1868 ló ti ń sọ pé kí gbogbo àyíká èbúté náà di ìlú kan. Wọn ò dá a lóhùn títí dìgbà tí Chicago dẹ́rù bà wọ́n. Ní 1889, Chicago gba àwọn ìlú tó yí i ká mọ́ra, lára wọn ni Hyde Park, Lake View, Lake àti Jefferson. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Chicago ti di 1,099,850, ó sì ti kọjá Philadelphia. (Philadelphia náà kò lẹ́nu láti ráhùn: ó ti ṣe irú ẹ̀ ní 1854, nígbà tó gbé gbogbo ẹkùn rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.) Àwọn oníṣòwò New York rí i pé bí Chicago bá ń báa lọ báyìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gba ipò kìíní. Bí àtòjọ lásán ṣe dá kún ìdí tí ìlú fi fẹ ààlà nìyẹn, ààlà fífẹ̀ náà sì tún yí àtòjọ padà.

Wọ́n dìbò lé e lórí ní 1894. Ní Brooklyn, ẹni 64,744 ló ní kí wọ́n so pọ̀, ẹni 64,467 ló ní rárá. Ìbò 277 péré ló là wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òfin jáde, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1898, ìlú New York tuntun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbègbè márùn-ún: Manhattan, Bronx, Brooklyn, Queens àti Staten Island.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa rọrùn: bí ìlú 1900 bá ti wà ní 1890, èèyàn mélòó ni ìbá wà nínú rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n á gbé ààlà tuntun lé orí àkọsílẹ̀ ìkànìyàn 1890, á sì ka gbogbo ẹni tó bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn oníṣirò ti ṣe é. Manhattan ní 1,441,216, Brooklyn ní 838,547, Bronx ní 88,908, Queens ní 87,050, Staten Island sì ní 51,693. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 2,507,414.

Ìdí nìyẹn tí iye méjì fi wà fún ìlú kan ṣoṣo lọ́dún kan ṣoṣo, tí kò sì sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Iye 1,515,301 ni ti New York bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Iye 2,507,414 ni ti ilẹ̀ tó wá di New York lẹ́yìn náà. Àárín méjèèjì jẹ́ 992,113: èyí ni iye tí fífẹ ààlà mú wá. Láti 2,507,414 dé 3,437,202 jẹ́ 929,788: èyí ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí àti àwọn àjèjì tó dé lóòótọ́, lẹ́yìn tí a bá ti yọ àwọn tó kú àtàwọn tó kó lọ. Tí a bá fi ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìlú náà fi nǹkan bí ìdá 37 dàgbà. Ẹni tí kò bá wo ààlà á sọ pé ìdá 127 ni. Ìdá 37 láàárín ọdún mẹ́wàá kì í ṣe kékeré o, ìlú tó ń dàgbà gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ilé, iye ilé ìwé tàbí iye omi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nílò, tó wá lo ìdá 127, á ṣi ìṣirò rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ibì kan wà nínú ìṣirò yìí tó máa ń mú èèyàn ṣubú, Queens sì ni. Ẹni tó bá ń kánjú á ṣí àkọsílẹ̀ 1890, á wá ibi tí wọ́n kọ Queens sí, á sì rí iye tó ń lọ bí 128,000. Èwo wá ni 87,050? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹkùn Queens àtijọ́ ló wọ inú ìlú tuntun. Apá ìwọ̀-oòrùn nìkan ló wọlé. Àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn dúró síta, wọ́n sì ya ara wọn sọ́tọ̀ ní 1899, wọ́n di ẹkùn Nassau. Kódà wọ́n gé ìlú Hempstead sí méjì: apá etíkun tí wọ́n ń pè ní Rockaway bọ́ sínú New York, ìyókù bọ́ síta. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa kò lè mú orúkọ ẹkùn kó sì rò ó pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìlú kọ̀ọ̀kan àti abúlé kọ̀ọ̀kan, kó wo èyí tó wọlé àtèyí tó wà níta, kó sì pín èyí tí wọ́n gé. Orúkọ kan náà tó wà lórí ìwé 1890 àti ti 1900 kò sọ pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Brooklyn náà fi èyí hàn lọ́nà mìíràn. Ìkànìyàn 1890 fún ìlú Brooklyn jẹ́ 806,343, àmọ́ 838,547 ni a lò lókè yìí. Àwọn tó lé sí i jẹ́ ará Flatbush, New Utrecht, Gravesend àti Flatlands, tí Brooklyn fúnra rẹ̀ gbà mọ́ra láàárín 1894 sí 1896, kí New York tó wá gba òun náà. Ẹja ńlá ń gbé ẹja kékeré mì, òun náà sì wà lẹ́nu ẹja tó jù ú lọ. Nígbà tí àtòjọ 1900 jáde, ìlú tó wà ní ipò kẹrin lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ti pòórá nínú rẹ̀ pátápátá. Àwọn tó tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́ sún sókè ní ipò kan láìjẹ́ pé wọ́n ṣe nǹkan kan.

Ilẹ̀ wá ńkọ́? Manhattan kò ju nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 59 lọ. Ìlú tuntun tí wọ́n so pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 780. Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí: tí ilẹ̀ bá pọ̀ ju bí èèyàn ṣe pọ̀ lọ, ìlú náà á dà bíi pé àyè gba àwọn ará rẹ̀ lójijì. Ní 1900, Manhattan nìkan ní 1,850,093 èèyàn, ìyẹn bíi 31,000 lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdílé ń há mọ́ra nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ní apá ìsàlẹ̀ ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pín gbogbo ará ìlú tuntun sórí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni bíi 4,400 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Oko Staten Island ti po mọ́ yàrá Manhattan, ìnira àwọn tó há mọ́ra sì ti sá pamọ́ sínú ìṣirò.

Japan ni ibi tí èyí ti hàn kedere jù lọ láyé òde òní. Láti 1999 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń rọ àwọn ìlú àti abúlé pé kí wọ́n dara pọ̀, wọ́n sì fi owó tì í, torí pé abúlé ń gbófo, àwọn àgbàlagbà nìkan ló sì ń ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 3,200 já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,700 láàárín bí ọdún mọ́kànlá. Ní oṣù kejì 2005, ìlú Takayama tó wà láàárín òkè ní ẹkùn Gifu gba ìlú kékeré àti abúlé mẹ́sàn-án mọ́ra. Ilẹ̀ rẹ̀ fò láti nǹkan bí 140 kìlómítà onígun mẹ́rin dé bíi 2,177, ó sì di ìlú tó fẹ̀ jù lọ ní gbogbo Japan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó gbogbo ẹkùn Tokyo. Àmọ́ àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀ kò tó 100,000, ó sì ju ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà tó jẹ́ igbó àti òkè. Ẹni tó bá gbọ́ pé “ìlú tó tóbi jù ní Japan”, tó wá retí ilé gogoro àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, igi ló máa bá.

Báwo wá ni èèyàn ṣe lè mọ̀ pé ààlà ló fò, pé kì í ṣe èèyàn ló pọ̀ sí i? Àmì tó yá jù ni kí ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú èèyàn. Ìlú tó ń bímọ kì í fa ilẹ̀ gùn. Tí ìwọ̀n ilẹ̀ bá yàtọ̀ láàárín ìkànìyàn méjì, ẹ má fi iye èèyàn wéra mọ́ títí ẹ ó fi rí èyí tí wọ́n tún ṣe sórí ààlà kan náà. Àmì mìíràn ni kí ìlú kan fò sókè kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì pòórá nínú àkọsílẹ̀, bíi ti Brooklyn. Ẹ sì tún wo iye tí wọ́n kọ fún gbogbo àgbègbè ńlá tó yí ìlú náà ká. Tí ìlú bá di ìlọ́po mẹ́ta, tí àgbègbè ńlá náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń kó ẹrù láti yàrá dé yàrá.

Àwọn àjọ tó mọṣẹ́ a máa ran òǹkàwé lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní 1998, ìlú Toronto ní Kánádà dara pọ̀ mọ́ North York, Scarborough, Etobicoke, York àti East York. Toronto àtijọ́ jẹ́ 653,734 nínú ìkànìyàn 1996. Ìkànìyàn 2001 sọ pé ó ti di 2,481,494. Àmọ́ nígbà tí àjọ ìṣirò Kánádà gbé ti 2001 jáde, wọn ò fi ti Toronto àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ti 1996 ṣe sórí ààlà tuntun, ó sì jẹ́ 2,385,421. Ìdàgbàsókè gidi jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣòro ni pé àlàyé kékeré tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà kì í tẹ̀ lé àwòrán tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un wálé. Ìbàdàn kò ní òfin ìsopọ̀ bíi ti Toronto. Ohun tó ní ni ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tí gbogbo wọn ń jẹ́ Ìbàdàn tí wọ́n bá ń sọ ti ìlú, tí márùn-ún péré sì wà ní àárín ìgboro: Àríwá, Àríwá Ìlà-oòrùn, Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, Gúúsù Ìlà-oòrùn àti Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn. Mẹ́fà yòókù, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, yí ìgboro ká. Nínú ìkànìyàn 2006, márùn-ún ti ìgboro jẹ́ 1,338,659. Mẹ́fà tó yí wọn ká jẹ́ 1,211,934. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,550,593.

Èwo wá ni iye àwọn ará Ìbàdàn? Ó kù sí ibi tí ẹ fa ààlà yín sí. Ohun tí kò dáa ni kí èèyàn máa mú èyí tó bá wù ú lẹ́nu nígbà kan, kó sì mú èkejì nígbà mìíràn. Àwọn tó ń sọ pé Ìbàdàn ló fẹ̀ jù ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 3,080 kìlómítà onígun mẹ́rin ni wọ́n ń lò, ìyẹn ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá lódindi, pẹ̀lú oko ẹ̀gẹ́ àti igbó kòkó tó wà nínú rẹ̀. Márùn-ún ti ìgboro kò ju nǹkan bí 128 lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn ti ìgboro, tí wọ́n pín in sórí ilẹ̀ 3,080, tí wọ́n wá sọ pé àyè pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìbàdàn. Kí wọ́n lọ sọ ọ́ ní Bẹẹrẹ.

Ibi tí àṣìṣe náà ti lágbára jù ni tí wọ́n bá ń wá ìdàgbàsókè. Nínú ìkànìyàn 1991, ìgboro Ìbàdàn jẹ́ bíi mílíọ̀nù 1.2, gbogbo mọ́kànlá sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù 1.8. Ẹni tó bá mú 1.2 ti 1991, tó fi wé 2.55 ti 2006, á kéde pé Ìbàdàn ti ju ìlọ́po méjì lọ. Tó bá fi mọ́kànlá wé mọ́kànlá, bíi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló máa rí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà fún ẹni tó bá sọ pé ààlà àtijọ́ nìkan ni òótọ́, pé fífẹ̀ ẹ́ jẹ́ jìbìtì. Ẹ wò ó bí ẹ bá dúró lórí ìgboro nìkan: láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún àárín fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá péré dàgbà. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé Ìbàdàn ti ń rọ̀. Mẹ́fà tó yí wọn ká ló di ìlọ́po méjì, láti nǹkan bí 600,000 dé mílíọ̀nù 1.2. Ìgboro ti kún, ilẹ̀ ti wọ́n, àwọn tó fẹ́ kọ́lé sì kọjá lọ sí ọ̀nà Mọ́níyà, Ẹgbẹ́dá àti Ìdó. Wọ́n ṣì ń ná ọjà Dùgbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ṣì ń lọ sílé ìwé nígboro, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kọ wọ́n sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Bí Brooklyn àti Manhattan ṣe wà nìyẹn kí 1898 tó dé: ìlú ti di ọ̀kan lójú títì kó tó di ọ̀kan nínú ìwé. Àǹfààní kí a ya ààlà sọ́tọ̀ kúrò lára èèyàn ni pé ó jẹ́ ká rí ibi tí ìlú ń gbà dàgbà gan-an, ní Ìbàdàn, ẹ̀yìn ìgboro ni.

Láti 2006, Nàìjíríà kò tíì tún ka èèyàn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Nítorí náà, gbogbo iye tí ẹ ń rí nísinsìnyí fún Ìbàdàn, Èkó tàbí Abẹ́òkúta, ìdíwọ̀n ni, oníkálukú sì ní ààlà tó fi ṣe tirẹ̀. Àwọn kan ń lo ìjọba ìbílẹ̀, àwọn mìíràn ń wo àwòrán láti ojú òfuurufú, wọ́n sì ń ka ibi gbogbo tí ilé ti so mọ́ ilé. Iye méjì tó jáde lọ́dún kan náà lè fi mílíọ̀nù yàtọ̀ síra. Nígbà tí wọ́n bá ka èèyàn lọ́jọ́ iwájú, tí ìwé ìròyìn sì gbé e pé ìlú báyìí ti fi báyìí ju ti 2006 lọ, ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kà mọ́ ìlú náà ní 2006 ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè èyí tí wọ́n kà mọ́ ọn báyìí.